Bí o ṣe lè kọ̀wé sí ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, nígbà tí o bá ń wá iṣẹ́

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹ jọ wà ní iléeṣẹ́ kan nígbà kan, tábìlì yín kọjú síra, ẹ sì mọ àsìkò tí orí ọ̀gá yín máa ń gbóná. Lẹ́yìn náà ẹnì kan lọ, èkejì náà lọ, kò sì sẹ́ni tó bínú sẹ́nì kankan. Ìpè ló kàn dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́fà ti kọjá báyìí. O gbọ́ pé ó wà ní iléeṣẹ́ kan tó wù ọ́, o fẹ́ béèrè bóyá àyè iṣẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ojú ń tì ọ́: ṣé ìgbà tí mo nílò nǹkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí rẹ̀?

Ìgbà yẹn náà ni. Òun náà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kà á dé ìlà kejì. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni bí wàá ṣe sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò, tí kò fi ní ni ẹni náà lára, tí yóò sì rí ohun kan pàtó tó lè ṣe fún ọ.

Kí ìtìjú má bàa jẹ́ kí o pa á tì, gbọ́ èyí ná. Ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Mark Granovetter, wádìí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ní Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórí bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nínú àwọn tó rí i láti ọwọ́ ojúlùmọ̀, nǹkan bí 17 péré nínú 100 ló ń rí ojúlùmọ̀ náà déédéé. Nǹkan bí 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 28 kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojúlùmọ̀ wọ̀nyí ló jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí tàbí ọ̀gá wọn àtijọ́. Ohun tó fà á kò ṣòro lóye. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ohun tí o gbọ́ lòun náà gbọ́. Ẹni tó ti jìnnà sí ọ ti wọ agbo mìíràn, ìròyìn tí kò lè dé etí rẹ sì ń dé etí tirẹ̀.

Kọ́kọ́ yan ẹni tó rí iṣẹ́ rẹ

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n wo ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù nínú gbogbo ojúlùmọ̀ wọn. Èmi kì í gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dára jù ni ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí bí o ṣe ń ṣiṣẹ́, kódà bí kì í ṣe ọ̀gá níbi tó wà. Ọ̀gá ńlá tó kàn ń kí ọ lẹ́nu ọ̀nà kò ní ohun tó lè sọ nípa rẹ ju "mo mọ̀ ọ́n" lọ. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wá owó tó sọnù nínú ìṣirò rí lè sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ yóò dúró gbọ́.

Bi ara rẹ pé: kí ni ẹni yìí lè sọ nípa mi tí yóò jẹ́ òtítọ́, tí kò sì ní gùn ju gbólóhùn méjì lọ? Bí o kò bá rí nǹkan kan, wá ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì fi ìjà pínyà, tàbí tí o bá fi iṣẹ́ tì í lọ́rùn nígbà tí ò ń lọ, fi í sílẹ̀. Kò sí bí lẹ́tà ṣe lè dùn tó tí yóò tún ìyẹn ṣe lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà, wádìí ibi tó wà báyìí. Wo ojú ìwé rẹ̀ lórí LinkedIn, kí o sì mọ̀ pé ó lè rí i pé o wò ó. Kò sí aburú níbẹ̀ bí o bá máa kọ̀wé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ohun mẹ́ta ni kí o wá: ṣé ó ṣì wà níbi iṣẹ́ yẹn, ẹ̀ka wo ló wà, ṣé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láìpẹ́? Bí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá èèyàn dúró, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, kí i nìkan. Fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá fún oṣù bíi mélòó kan.

Ímeèlì tó ń lò níbi iṣẹ́ yín àtijọ́ ti kú, má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àtijọ́ náà lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kí o tó tú ọ̀rọ̀ ara rẹ sílẹ̀ fún àjèjì.

Má tíì fi orúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, mo sì fẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ló ní ètò tí òṣìṣẹ́ wọn fi lè mú ẹnì kan wá. Òṣìṣẹ́ yóò wọ orí ìkànnì wọn, yóò kọ orúkọ rẹ, ímeèlì rẹ àti iṣẹ́ tí o fẹ́, yóò sì fi sífí rẹ sí i. Fọ́ọ̀mù náà sábà máa ń bi í bí ó ṣe mọ̀ ọ́, bóyá ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, àti ìdí tó fi rò pé iṣẹ́ náà yẹ ọ́. Bí wọ́n bá gbà ọ́, tí o sì pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí máa ń fún òṣìṣẹ́ náà lówó ìdúpẹ́.

Ní ibi púpọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ wọlé ni ìwé náà máa ń kà mọ́. Bí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ fi orúkọ sílẹ̀ lánàá, tí ojúlùmọ̀ rẹ wá fẹ́ mú ọ wá lónìí, ìkànnì lè sọ fún un pé orúkọ yìí ti wà níbí. Ó wá di pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nípa rẹ kò ríbi wọlé, owó tó tọ́ sí i náà sì lọ. Nítorí náà, kọ̀wé sí i ná, kí o sì sọ fún un pé o kò tíì fi orúkọ sílẹ̀.

Àmọ́ má dúró títí ilẹ̀kùn yóò fi tì. Wo ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìpolówó náà. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì tí o kò sì tíì gbúròó rẹ̀, fi orúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ, kí o sọ fún un pé o ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣì lè bá ọ̀gá ẹ̀ka náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìyẹn kò sì nílò fọ́ọ̀mù kankan.

Kọ lẹ́tà náà

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan ń bójú tó ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó jù ú lọ díẹ̀ wà ní ẹ̀ka ìrajà ní iléeṣẹ́ kan náà. Ọkùnrin náà ti di olórí ẹ̀ka ìrajà ní iléeṣẹ́ mìíràn, iléeṣẹ́ yẹn sì ń polówó iṣẹ́ alábòójútó ọjà. Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ kọ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ǹ lẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta! Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Ó dún bí ohùn ọmọlúwàbí, àmọ́ kò sí ohun tí ẹni tó gbà á lè fi ṣe. Yóò fèsì pé dáadáa ni, yóò sì máa retí bọ́ǹbù. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá wá jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò padà lọ wo ìkíni yẹn, yóò sì rí i pé ìdẹ ni. Àwọn kan máa ń kọ́ni pé kéèyàn kí ẹni náà ná, kó fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tún ọ̀nà ṣe, kó tó béèrè. Mi ò fara mọ́ ọn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, odindi ló máa ń ràn án lọ́wọ́ láti ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ wo èyí tó tún kọ:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mò ń bójú tó ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí nígbà tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìrajà. Àwa méjèèjì la jọ jókòó lé ìwé ní ìparí ọdún tí ìṣirò kọ̀ tí kò bára mu, tá a wá rí i pé ọjà tí oníbàárà dá padà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ké sí yín, ẹ má bínú. Mo rí i pé ẹ ti di olórí ẹ̀ka níbi tẹ́ ẹ wà báyìí, ẹ kú oríire.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mò ń wá iṣẹ́ mìíràn. Iléeṣẹ́ yín ń polówó iṣẹ́ alábòójútó ọjà, wọn yóò sì tì í ní ọjọ́ 18 oṣù yìí. Mi ò tíì fi orúkọ sílẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi sọ bóyá wọ́n ń wá èèyàn láti ìta lóòótọ́, àti ohun tí ẹ̀ka náà nílò jù? Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn láti sọ, kò burú rárá, mo ti dúpẹ́. Ibi tí mo wà kò tíì mọ̀ pé mò ń wá iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kó wà láàárín wa."

Wo ohun tó ṣe. Kò retí pé kí ọkùnrin náà rántí orúkọ òun. Ó mú ìrántí kan wá tí kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìrántí náà sì ń sọ irú òṣìṣẹ́ tí òun jẹ́ láìfọ́nnu. Gbólóhùn kan ló fi tọrọ àforíjì. Àwọn mìíràn máa ń fi odindi ìpínrọ̀ bẹ̀bẹ̀, tí ẹni tó gbà á yóò wá di ẹni tó ń tù wọ́n nínú kó tó dé orí ọ̀rọ̀. Kò sì béèrè iṣẹ́. Ìròyìn ló béèrè, ohun tí ọkùnrin náà lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dáhùn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè yẹn, "bóyá wọ́n ń wá èèyàn láti ìta lóòótọ́," ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Iléeṣẹ́ mìíràn máa ń polówó iṣẹ́ nítorí pé òfin wọn ní kí wọ́n polówó rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni tí wọ́n máa fún ti wà nínú ilé. Ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè sọ èyí fún ọ.

Ọ̀rọ̀ pé kó wà láàárín yín náà yẹ kó wà níbẹ̀ bí o bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ayé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà kéré, ẹni yẹn sì lè fi inú rere béèrè nípa rẹ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọ̀gá rẹ.

Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀, má fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹni tó wà nípàdé kò lè gbọ́ ọ, kò sì lè fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka mìíràn. Má pè é lójijì pẹ̀lú. Ìpè lẹ́yìn ọdún mẹ́fà máa ń já èèyàn láyà. Bó bá jẹ́ LinkedIn lo ti fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó gbà ọ́ sáàárín ojúlùmọ̀ rẹ̀, àyè tí wọ́n ń fúnni láti kọ̀wé síbẹ̀ kéré gan-an. Fi ìrántí yẹn nìkan síbẹ̀ àti pé o ní ìbéèrè kan nípa iléeṣẹ́ rẹ̀, kí o wá kọ ìyókù nígbà tó bá gbà.

Ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ń sọ

Bó bá dákẹ́, fún un ní nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kọ ìlà méjì péré: pé o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kún, pé ọjọ́ ìpolówó náà ti ń sún mọ́lé, àti pé wàá fi orúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ bí ọ̀rọ̀ náà kò bá rọrùn fún un. Bó bá tún dákẹ́, ó parí. Má ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, má sì rán ẹlòmíràn sí i láti lọ bi í léèrè.

Bó bá ní "kò sí àyè níbí," má tíì pa ìwé dé. Dúpẹ́, kí o sì béèrè ohun kan péré sí i: ìgbà wo nínú ọdún ni wọ́n sábà máa ń gbà èèyàn, tàbí iléeṣẹ́ wo ló mọ̀ tó ń wá irú rẹ? Ọ̀kan nínú méjèèjì ni o, má da méjèèjì pọ̀.

"Fi sífí rẹ ránṣẹ́" dùn mọ́ni létí, àmọ́ ó lè jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà yọ ara rẹ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan pẹ̀lú rẹ̀ máa ń béèrè ọ̀rọ̀ sí i: iṣẹ́ wo gan-an, ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀, ṣé kó lo orúkọ rẹ. Bí kò bá béèrè ọ̀kankan, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n máa bá ìwákiri rẹ lọ bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni.

Èyí tó dára jù ni "jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa fèsì lọ́jọ́ kẹta pé: "Àbúrò, mo rántí dáadáa! Ọjà tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Pè mí lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́."

Ìpè náà

Sọ fún un pé ìṣẹ́jú 20 lo fẹ́, kí o sì dúró lórí ìyẹn. Bi í nípa tirẹ̀ ná, kì í ṣe fún ẹ̀tọ́ nìkan: bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wàá fi mọ̀ bóyá o tilẹ̀ fẹ́ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ohun tó tọ́ láti béèrè ni àwọn tí kò sí nínú ìpolówó. Ta ni yóò pinnu, ṣé ọ̀gá ẹ̀ka ni àbí àwọn tó ń rí sí gbígbani síṣẹ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìṣòro wo ni wọ́n ń retí kí ẹni tuntun yanjú ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́?

Obìnrin yìí béèrè èyí tó kẹ́yìn, ó sì gbọ́ ohun tí kò retí. Ilé ìkẹ́rùsí tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣí, iye ọjà tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé kò sì tíì bára mu láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó ẹrù lọ. Nínú ìpolówó, "ẹni tó já fáfá tó sì lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù: "Bẹ́ ẹ bá wo sífí mi, kí ni wọ́n máa rí tí ọkàn wọn kò ní balẹ̀?" Ẹni tó mọ̀ ọ́ lè sọ ọ́ láìfi epo sí i. Ọkùnrin náà sọ fún obìnrin yìí pé wọn yóò béèrè bóyá ó ti bójú tó ju ilé ìkẹ́rùsí kan lọ rí. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìsinmi, kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ní ìparí ìpè, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá tíì sọ pé òun yóò mú ọ wá, béèrè lọ́nà tí ó lè fi kọ̀ láìtijú: "Ṣé ó máa rọ̀ yín lọ́rùn láti fi orúkọ mi sílẹ̀, àbí kí n kàn fi í sílẹ̀ fúnra mi?" Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn méjì tí kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí o bá sì ṣe iṣẹ́ náà tì, òun ni wọ́n máa wò.

Ohun tí wàá fi ránṣẹ́

Láàárín wákàtí 24, fi ohun tó lè gbé síwájú láìtún un kọ ránṣẹ́ sí i: orúkọ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ bó bá ní, líǹkì ìpolówó náà, sífí rẹ ní PDF tí orúkọ rẹ wà lára fáìlì náà, àti ìpínrọ̀ kúkúrú kan nípa rẹ. Ìpínrọ̀ yẹn ló máa kó sínú fọ́ọ̀mù, nítorí náà ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí nìkan ni kí ó wà níbẹ̀:

"Mo bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Òun ló ń bójú tó ọjà nígbà tí mo wà ní ìrajà. Nígbà tí ìṣirò ìparí ọdún kò bára mu, òun ló tọpa rẹ̀ dé orí ọjà tí wọ́n ń dá padà. Láti ìgbà yẹn, ó ní òun ti bójú tó ilé ìkẹ́rùsí méjì pọ̀ fún oṣù mẹ́jọ."

Ṣàkíyèsí "ó ní." Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn, má sì jẹ́ kó fọwọ́ sí ohun tí kò rí. Mo ti ka irú fọ́ọ̀mù yìí púpọ̀, ìyìn tó pọ̀ jù kì í sì í ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló máa ń jẹ́ kí n pe ẹni náà wá. Ibẹ̀ náà sì ni agbára ojúlùmọ̀ rẹ mọ. Ó lè jẹ́ kí wọ́n ka ìwé rẹ, kò lè bá ọ jókòó níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Máa fún un ní ìròyìn

Nígbà tí wọ́n bá pè ọ́, sọ fún un lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kọ ìlà kan sí i. Bí wọ́n bá já ọ sílẹ̀, sọ ìyẹn náà fún un, láìfẹjọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ sùn, nítorí ọ̀gá ẹ̀ka náà lè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní "ẹni rẹ yẹn," kò sì dára kó jẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́. Bí o bá gba iṣẹ́ níbòmíràn nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ níbẹ̀, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kí o tó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rẹ̀ pé o ti yọwọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, bóyá iṣẹ́ náà bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i, kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan sí i nípa ohun tí kò kan iṣẹ́ rẹ rárá. Bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wá irú òṣìṣẹ́ tó wúlò fún ẹ̀ka rẹ̀, fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i.